Gẹ̀ẹ́sì Ńláńlá Kọ́ Ló Ń Gba Máàkì: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Àròkọ IELTS

Tí ẹ bá jókòó ti àwọn tó ń múra fún ìdánwò IELTS, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi ṣí fóònù rẹ̀, tí yóò sì fi àkójọ ọ̀rọ̀ kan hàn yín. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ló máa ń wà lápá òsì, èyí tí wọ́n ní kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ á wà lápá ọ̀tún. “Good” di “superb”. “Big” di “colossal”. “People” di “individuals”. “Problem” di “predicament”. Wọ́n á ní ẹni tó bá ti há a sórí ti bọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò yìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta kí ó yé gbogbo ènìyàn: àkójọ yẹn wà lára ohun tó ń dá ọmọ wa dúró sí báńdì 6.

Ọ̀rọ̀ náà ká wa lára torí pé ìdánwò yìí wà lójú ọ̀nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì yan IELTS láti fi ẹ̀rí hàn pé òun gbọ́ èdè náà, gbọ́dọ̀ gba 6.5, ó kéré tán, nínú ìwé kíkọ, kí ó sì gba 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ. Ẹni tó dojú kọ Kánádà sábà máa ń fẹ́ 7 nínú ìwé kíkọ pẹ̀lú, kí máàkì rẹ̀ lè ga tó láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń du àyè. Lójú tèmi, ìwé kíkọ ló máa ń há ènìyàn jù nínú apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ènìyàn á gba 8 nínú gbígbọ́, á gba 7.5 nínú kíkà, ìwé kíkọ á wá dúró sí 6 gbọnin bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀.

Wákàtí kan ni wọ́n fún ìwé kíkọ, iṣẹ́ méjì ló sì wà níbẹ̀. Èkíní kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 150. Èkejì ni àròkọ gan-an, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 250. Wọ́n gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó lo ìṣẹ́jú 40 lórí àròkọ yìí, torí máàkì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ohun mẹ́rin ni ẹni tó ń máàkì ń wò: ṣé o dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́, ṣé èrò rẹ tò lọ létòlétò, irú ọ̀rọ̀ wo lo lò, báwo sì ni gírámà rẹ ti rí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbé ìwọ̀n kan náà. Ọ̀rọ̀ lílò jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dín.

Àwọn tó ni ìdánwò náà ti tẹ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń máàkì jáde, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ojú ewé díẹ̀ sì ni. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn sanwó ìdánwò láì kà á. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí i ní 2023, ohun kan sì wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo olùṣèdánwò mọ̀ bí ẹni mowó. Nígbà tí wọ́n ń ṣàpèjúwe báńdì 6 níbi ọ̀rọ̀ lílò, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa irú òǹkọ̀wé kan tó ń dáwọ́ lé ọ̀rọ̀ tí kò dá a lójú: ọ̀rọ̀ rẹ̀ á pọ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n èyí tó ṣì lò nínú wọn á pọ̀ pẹ̀lú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ẹni tó ń fi àkójọ orí fóònù rọ́pò ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, báńdì 6 ni wọ́n ti yàwòrán rẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n dé báńdì 7, ohun tí wọ́n béèrè ni kí ọ̀rọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ohun tí ènìyàn fẹ́ sọ, kí ó sì hàn pé òǹkọ̀wé mọ irú ọ̀rọ̀ tó yẹ àròkọ, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń bá ọ̀rọ̀ rìn. Kò síbi tí wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ gígùn.

Ọ̀rọ̀ tó ń bára rìn yìí ni gbogbo ìṣòro náà rọ̀ mọ́. Ẹ wo èdè tiwa. Fìlà, dídé là ń dé e. Gèlè, wíwé là ń wé e. Ìró, ríró là ń ró o. Bùbá àti ṣòkòtò, wíwọ̀ là ń wọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún gbogbo wọn. Àlejò tó ń kọ́ Yorùbá lè ti há dé, wé, ró àti wọ̀ sórí nínú ìwé atúmọ̀, kí ó wá jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kan kí ó ní òun wé fìlà. Kò sẹ́ni tí ohun tó sọ kò ní yé, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé àlejò ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí létí olùyẹ̀wò nígbà tí a bá kọ “colossal predicament”. Àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ gidi, méjèèjì wà nínú ìwé atúmọ̀, àmọ́ wọn kì í jáde pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú “big” nìkan, ká fi ojú ṣùnnùkùn wò ó. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó lè jókòó sí àyè rẹ̀ níbi gbogbo. Tó bá jẹ́ ìṣòro ló tóbi, “a serious problem” ni wọ́n máa ń sọ. Tó bá jẹ́ ìyàtọ̀ ni, “a marked difference”. Bí owó epo bá fò sókè lójijì, “a sharp rise” ni. Owó ìtanràn tó ga, “a heavy fine”. Ipa ńlá tí ẹnìkan kó nínú ọ̀ràn, “a major role”. Ṣé ẹ rí i pé kò sí èyí tó le nínú wọn? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama ti mọ “sharp”, ó ti mọ “heavy”. Ọ̀rọ̀ kékeré ni wọ́n, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó yẹ wọ́n, olùyẹ̀wò á mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ti ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ẹni tó bá há “colossal” sórí fún “big” yóò wá kọ “a colossal fine” àti “a colossal rise” àti “a colossal role”, ara gbogbo gbólóhùn á sì máa le bí igi.

Mo fẹ́ mú iṣẹ́ ẹnìkan jáde báyìí, ká tú u palẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìbéèrè náà dá lórí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń fi ìgbèríko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá: kí ló fà á, kí ni ó sì ń bí? Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

“Many people leave villages and go to big cities because they want to get good jobs. This is a big problem because it makes the cities very full and there are not enough houses for people. It is also bad for the villages because only old people stay there to do farming.”

Ìpínrọ̀ yìí kò burú. Èrò wà nínú rẹ̀, gírámà rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń fà á sẹ́yìn ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sọjú abẹ níkòó: “good”, “big”, “bad”, “full”, gbogbo wọn lè túmọ̀ sí ohun mẹ́wàá. Òun náà mọ̀ pé ó yẹ kí òun gbé e ga. Ló bá ṣí àkójọ rẹ̀, ó sì tún un kọ:

“Numerous individuals abandon villages and proceed to colossal metropolises because they desire to procure superb occupations. This is a gargantuan predicament because it renders the cities exceedingly replete.”

Ọ̀rọ̀ yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìtumọ̀. “Abandon” kì í ṣe kéèyàn kàn kúrò níbì kan; ó ní ìkọ̀sílẹ̀ nínú, bí ẹni tó fi ọmọ tàbí ọkọ̀ sílẹ̀ tí kò sì wẹ̀yìn mọ́. Ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ lọ sí Èkó, tó ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lóṣooṣù, kò kọ abúlé sílẹ̀. “Procure” ni ohun tí ilé ìwòsàn ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì àti oògùn. A kì í fi bẹ́ẹ̀ wáṣẹ́. “Occupation” ni ohun tí a máa ń kọ sínú fọ́ọ̀mù níbi tí wọ́n bá ti bi wá pé iṣẹ́ wo là ń ṣe. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tó ń mówó wọlé, “job” ló ń wá. “Replete” kì í dá dúró bẹ́ẹ̀, ó máa ń fẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó kún inú nǹkan náà. “Superb” sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn fún oúnjẹ tàbí eré ìtàgé ju fún iṣẹ́ oṣù lọ. Ọ̀rọ̀ tó kùnà ti ju márùn-ún lọ nínú gbólóhùn méjì péré. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé pẹ̀lú gbogbo làálàá yìí, òǹkàwé kò mọ ohun tuntun kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A kò tíì mọ irú iṣẹ́ “good” tí wọ́n ń wá.

Ní 2006, Daniel Oppenheimer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó wà ní yunifásítì Princeton nígbà náà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀ràn yìí gan-an. Nínú ọ̀kan lára àyẹ̀wò rẹ̀, ó mú ìwé tí àwọn tó ń wá àyè sí yunifásítì kọ nípa ara wọn, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó gùn jù nínú àkójọ ọ̀rọ̀ onítumọ̀ kan náà tó wà nínú kọ̀ǹpútà rọ́pò àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ìṣe àti ọ̀rọ̀ àpèjúwe inú rẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì wa ṣe náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló fún àwọn ènìyàn kà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń le sí i ni àwọn òǹkàwé ń rò pé ọpọlọ ẹni tó kọ ọ́ kò pé tó, wọn ò sì fẹ́ gbà á wọlé. Olùyẹ̀wò IELTS kò ń máàkì ọpọlọ, ṣùgbọ́n òun náà ènìyàn ni, ìwé tó ṣòro kà á sì ń ṣòro kà fún un.

Mo ní kí nọ́ọ̀sì náà pa fóònù rẹ̀ dé. Mo ní kí ó fi ọwọ́ sí “good jobs” kí ó sọ fún mi ní Yorùbá, irú iṣẹ́ wo. Ó ní, “Iṣẹ́ tó ń sanwó gidi ni, ẹ̀gbọ́n.” Mo ní kí ó kọ bẹ́ẹ̀. “Well-paid jobs” ló jáde. Mo tún fọwọ́ sí “big problem”: ìṣòro fún ta ni? Ó ní fún ilé gbígbé. Ilé kò tó, owó ilé ń lọ sókè. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, títí tí ìpínrọ̀ náà fi di èyí:

“Many people leave rural areas for large cities in search of well-paid jobs. This puts severe pressure on housing: the supply of affordable homes cannot keep up with the growing population, and rents rise. Rural communities suffer as well, since farming is left to an ageing workforce.”

Ẹ wo ohun tí kò yí padà. “Many people” dúró síbẹ̀. “Leave” dúró síbẹ̀. “Jobs”, “farming”, wọ́n wà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣókùnkùn nìkan ni a tan iná sí. “Not enough houses” di “the supply of affordable homes cannot keep up”, torí kì í ṣe pé ilé kò sí rárá, èyí tí apá mẹ̀kúnnù ká ni kò tó. “Only old people” di “an ageing workforce”, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa ètò ọrọ̀ ajé máa ń lò. “Severe pressure”, “keep up with”, “in search of”: gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ tó ti máa ń bára wọn rìn tipẹ́. Irú ọ̀rọ̀ tí báńdì 7 ń wá nìyí, ọmọdé sì lè kà á kó yé e.

Ìbéèrè tó ń ṣiṣẹ́ ni “Irú èwo?” Iṣẹ́ dáadáa, irú èwo? Nǹkan burúkú, ó burú fún ta ni, lọ́nà wo? Ìdáhùn á kọ́kọ́ wá ní èdè tí o fi ń ronú, ìyẹn Yorùbá fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Tí o bá ti mọ ohun tí o fẹ́ sọ gan-an, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá a mu kì í jìnnà mọ́.

Ọ̀nà kejì wà láti gbé ọ̀rọ̀ ga tí kò ní ewu púpọ̀, ìyẹn ni kí ènìyàn mọ gbogbo ẹbí ọ̀rọ̀ kan. Dípò kí o máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún “migrate” kí o má baà tún un sọ, lo ọmọ ìyá rẹ̀: “migration”, “migrant”. “Young people migrate to the city” lè di “the migration of young people to the city” nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Ìtumọ̀ kò yẹ̀, ohùn ti yàtọ̀, gbólóhùn náà sì ti dún bíi ti àròkọ. Ibi tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni ìrù ọ̀rọ̀. “Economic” jẹ́ ti ọrọ̀ ajé. “Economical” jẹ́ ti ohun tí kì í jẹ owó. Ẹni tó bá kọ “economical growth” ti ṣìnà, bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀, ó ti gbé ọ̀rọ̀ ga.

Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ nípa Gẹ̀ẹ́sì tiwa ní Nàìjíríà, torí àwa la mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. A fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì tó kún ẹnu. Nígbà ayé K. O. Mbadiwe, àwọn ènìyàn máa ń dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ńláńlá tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gbádùn Patrick Obahiagbon lóde òní. Iṣẹ́ ọ̀nà ni, ó ní àyè tirẹ̀ ní orí pèpéle. Ṣùgbọ́n ó ti mú kí àwọn ọ̀rọ̀ kan wọ inú ìwé ìròyìn àti àròkọ ilé ìwé wa, tí a sì rò pé gbogbo ayé ló ń sọ wọ́n bí a ṣe ń sọ wọ́n. “Severally” ni àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ó túmọ̀ sí léraléra. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni èdè, ó túmọ̀ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó kọ pé ìjọba ti kìlọ̀ “severally” ti sọ ohun tí kò ní lọ́kàn. “Repeatedly” ni ọ̀rọ̀ tó ń wá. “Epileptic power supply”, tí ìwé ìròyìn wa ń lò fún iná tó ń ṣẹ́jú, ń ya àjèjì lẹ́nu, torí orúkọ àìsàn ló ń gbọ́ níbẹ̀, “unreliable” tó. “Equipments” àti “informations” kò sí. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í gba “s” nídìí.

Lẹ́yìn èyí ni “opine”. Bí ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Some people think”, àwọn ọmọ wa á kọ “A certain school of thought opines”. Mo ti kà á tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ kan ló ń tà á fún òmíràn. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn há sórí wá láti ilé máa ń hàn, torí ìyókù gbólóhùn kì í jọ ọ́. Òṣùwọ̀n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú, níbi báńdì 4, gẹ́gẹ́ bí àbùkù. “Many people believe” ti tó. Àyè ọ̀rọ̀ tó ga kọ́ ni ìlà àkọ́kọ́, níbi tí a ti ń tún ìbéèrè sọ; inú ìpínrọ̀ tí ènìyàn ti ń ṣàlàyé èrò tirẹ̀ ló wà.

Níbi títún ìbéèrè sọ yìí náà ni ewu mìíràn wà, tó sì lè gba máàkì lọ́wọ́ ènìyàn níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ìbéèrè sọ pé kí ìjọba dín “cars” kù láàárín ìgboro. Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ á kọ “vehicles”. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì jẹ́ “vehicle”, ọkọ̀ àwọn aláìsàn náà jẹ́ “vehicle”. Tó bá ń sọ pé kí wọ́n dín gbogbo wọn kù, ó ti ń dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi í, bó bá sì ti sọ ní ìpínrọ̀ kejì pé kí bọ́ọ̀sì pọ̀ sí i, ó ti ta ko ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó sọ “children” di “infants”: ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti di ọmọ ọwọ́. Orúkọ ohun tí ìbéèrè dá lé lórí, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò sí olùyẹ̀wò tó ń yọ máàkì nítorí pé “car” ṣì ń jẹ́ “car”.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a pààrọ̀ lóòótọ́ nítorí pé ti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n. “Kids” yẹ kí ó di “children”. “A lot of stuff” kò yẹ àròkọ. “Get” máa ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. “Get a degree” lè di “obtain a degree”, “get better” lè di “improve”. Èyí rọrùn, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Níbo wá ni ènìyàn á ti rí ọ̀rọ̀ tó dára kó jọ? Ní 2000, obìnrin onímọ̀ èdè kan ní ilẹ̀ Niu Sílándì, Averil Coxhead, tẹ àkójọ kan jáde. Ó kó ìwé ẹ̀kọ́ gíga jọ láti oríṣiríṣi ẹ̀ka ìmọ̀, ọ̀rọ̀ inú wọn tó mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀, ó sì wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ń yọjú léraléra níbi gbogbo, yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún méjì tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú èdè. Ẹbí ọ̀rọ̀ 570 ló kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. “Significant” wà níbẹ̀, “decline” wà níbẹ̀, “policy”, “labour”, “consume”, “migrate”. Ẹ ò ní rí “gargantuan”, ẹ ò sì ní rí “plethora”. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò lójoojúmọ́ kò ṣàjèjì tó bí a ṣe rò.

Ṣùgbọ́n àkójọ tó dára náà lè di ìṣòro bí ènìyàn bá há a sórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ sínú ìwé yín. Tí ẹ bá pàdé “pressure” nínú ìwé ìròyìn, ẹ wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ “put pressure on”, ẹ kọ “growing pressure”, ẹ kọ “ease the pressure on”. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbólóhùn kan nípa iṣẹ́ tiyín. Nọ́ọ̀sì wa kọ “Staff shortages put pressure on the remaining nurses”, ohun tó ń fojú rẹ̀ rí ní wọ́ọ̀dù sì ni, kò lè gbàgbé rẹ̀ mọ́. Tí iyèméjì bá wà, ìwé atúmọ̀ tí ilé ìtẹ̀wé Oxford ṣe fún ọ̀rọ̀ tó ń bára rìn wà láti 2002. Tí ẹ bá wo ọ̀rọ̀ orúkọ kan nínú rẹ̀, á to gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn sílẹ̀. Ìwé atúmọ̀ lásán náà wúlò, bí ẹ bá ń ka gbólóhùn àpẹẹrẹ inú rẹ̀ dípò ìtumọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ mọ̀ lọ́nà yìí lọ́sẹ̀ kan sàn ju ọgbọ̀n tí ẹ há sórí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ rántí pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe é máa ń ka iye ọ̀rọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kì í tún sípẹ́lì ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò lè sípẹ́lì kò tíì di tiyín. Sípẹ́lì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà, wọ́n gba méjèèjì, àmọ́ ẹ yan ọ̀kan kí ẹ sì dúró tì í. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ lẹ́yìn kíkọ. Ẹ fi í ka ohun tí ẹ kọ, kí ẹ sì bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó dà bíi pé ó ga ní ìbéèrè yìí: ṣé mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ dá ọ̀rọ̀ tó rọrùn padà sí àyè rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìdánwò yín kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má há ọ̀rọ̀ tuntun kankan sórí mọ́. Ẹ mú àròkọ mẹ́ta tí ẹ ti kọ sẹ́yìn, ẹ fa ìlà sí abẹ́ gbogbo “good”, “bad”, “big” àti “thing” tó wà nínú wọn, kí ẹ sì dáhùn “Irú èwo?” lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkójọ orí fóònù yẹn, ẹ pa á rẹ́ lónìí.